Òògùn Funfun Tí Mojísọ́lá Kò Fura Sí

Bí ẹ bá dé Òsì-Èkìtì, tí ẹ béèrè ilé Tísà Lánípẹ̀kun, kẹ́mísì Mojísọ́lá ni wọn yóò júwe fún yín. Yàrá iwájú ilé bàbá náà ni Mojísọ́lá ń lò bíi ṣọ́ọ̀bù, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé àwọn ará ìlú ti gbàgbé pé ilé onílé ni. Òun náà, ká má purọ́, ó máa ń gbàgbé.

Mojísọ́lá, tí wọ́n tún ń pè ní Ìyá Ọpẹ́, kì í ṣe obìnrin tí ènìyàn ń fojú fò dá. Ó kúrú, ó sanra díẹ̀, ohùn rẹ̀ sì máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi tó bá ń lọ. Ọ̀dọ́ tó bá wá béèrè òògùn ikọ́ tí wọ́n ń mu bí ọtí lọ́wọ́ rẹ̀, èébú ni yóò fi sin ín dé ilé ìyá rẹ̀. Kì í ta òògùn fún ọmọ kékeré tí àgbà kan kò bá tẹ̀ lé. Kì í gún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́, nítorí pé ìwé àṣẹ tí ìjọba fún un kò gbà á láyè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mìíràn ń gún ènìyàn bí ẹni ń gún iyán. "Ọwọ́ mi mọ́," ni ó máa ń wí, yóò sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì síta kí ẹ rí i. Bí ẹ kò bá wò ó, yóò tún tẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì.

Tísà Lánípẹ̀kun ló kọ́ ọ níwèé. Bàbá tó bí Mojísọ́lá kú nígbà tí kò tíì mọ ABD rẹ̀ tán, Tísà ló sì mú un jókòó sí àga iwájú, tó ń fi ìka rẹ̀ tọ́ ọ lórí ìwé. Òfin kan ṣoṣo ni bàbá yìí ní: "Kà á dé ìsàlẹ̀." Ọmọ tó bá ka òkè ojú ewé, tó fi ọgbọ́n àyínìke méfò ìyókù, orí ìdúró ni yóò wà títí agogo yóò fi lù. Mojísọ́lá mọ orí ìdúró yẹn dáadáa, nítorí pé ó yára jù, ó sì máa ń rò pé òun ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Nígbà tó kọ́ṣẹ́ kẹ́mísì tán ní Ìfàkì, tí kò rí ibi tí yóò pàtẹ sí, Tísà kó àga ìjókòó jáde kúrò ní yàrá iwájú, ó ní, "Mojí, uṣẹ́ rẹ rè é. Bẹ̀rẹ̀." Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní.

Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé nígbà tí àìsàn dé, ẹ̀rù ba Mojísọ́lá ju ọmọ bíbí inú bàbá lọ. Ẹsẹ̀ Tísà ló kọ́kọ́ wú. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìdó, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń gbé kiri láti ọdún púpọ̀ wá ti ba kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì jẹ́. Kíndìnrín náà kò tíì kú tán, ṣùgbọ́n èyí tó kù kò tó nǹkan. Wọ́n ní kó má mu omi kọjá ìwọ̀n. Wọ́n ní kó jìnnà sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn. Wọ́n ní kó má fi ẹnu kan òògùn ara ríro, kó má mu àgbo, kó má sì lo òògùnkóògùn láìbi àwọn.

Ìdùnnú, ọmọbìnrin bàbá, olùkọ́ ni ní yunifásítì tó wà ní Oyè. Ó ń wá lópin ọ̀sẹ̀, kò sì lè wà nílé lójoojúmọ́. Ó pe Mojísọ́lá sẹ́yìn ilé, ó ní, "Mojí, ìwọ lo wà nítòsí. Jọ̀ọ́, bá mi fi ojú sí Bàbá."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Àǹtí Ìdùnnú. Ohun tí mi ò bá rí, kò ní wọ ẹnu Bàbá."

Ó dà bí ìgbà tí wọ́n fún ṣọ́jà níbọn. Ìyá alágbo tó máa ń gbé igbá kọjá níwájú ilé, Mojísọ́lá dá a dúró lójú títì, ó ní bí òun bá tún rí i lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà yìí, òun yóò da igbá àgbo náà sí gọ́tà. Ọ̀gbẹ́ni kan nínú ẹgbẹ́ akọrin fi òògùn ìrora méjì sínú Bíbélì wá fún Tísà nítorí orúnkún. Mojísọ́lá yẹ Bíbélì náà wò bí aṣọ́bodè, ó sì yọ wọ́n jáde níṣojú rẹ̀. Tísà ń rẹ́rìn-ín lórí ibùsùn. Ó sọ fún gbogbo ènìyàn pé, "Ẹ má bá mi jà. Ẹ lọ bá Mojí. Ohun tí Mojí bá ní kí n mu ni mo máa mu."

Nígbà náà ni inú bàbá wá dí.

Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni. Òògùn tí wọ́n fún un ní Ìdó, èyí tó wà fún ẹ̀jẹ̀ àti èyí tó wà fún egungun, wọ́n máa ń mú ìgbẹ́ gbẹ. Omi tí kò mu tó, ó tún dá kún un. Bàbá yóò jókòó sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ títí ẹsẹ̀ yóò fi kú, yóò sì jáde pẹ̀lú òógùn lójú. "Mojí," ó ní, "unú mi ti le bí òkúta. Ugbẹ́ kò jáde."

Mojísọ́lá ronú. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é ní òdodo: ó ronú. Ó wo pẹpẹ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òògùn oníhóró tó ń fún inú mọ́ ènìyàn, ó bẹ̀rù rẹ̀. Àgbo, ká má tilẹ̀ sọ ọ́. Ojú rẹ̀ bà lé ìgò aláwọ̀ búlúù, mílíìkì magnísíà, òògùn funfun tó ń rùn bí mínítì, tí ìyá rẹ̀ máa ń fún un ní ṣíbí kan nígbà tó wà lọ́mọdé. Aboyún ń mu ún. Ọmọdé ń mu ún. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn, òun ni ó kàn ń ta láìbéèrè ọ̀rọ̀ kankan lọ́wọ́ ẹni tó ń rà á. Ó rọ ọ́ sínú ìdérí ìgò, ó gbé e lọ fún bàbá.

Ó ṣiṣẹ́. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ìtura ti dé bá Tísà, ó sì ń kọ orin ìyìn nínú yàrá. Mojísọ́lá gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn kántà, inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi fún oníbàárà kan ní súìtì láìgbowó.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá bàjẹ́ nìyí. Ẹ mọ̀ pé ní ìlú wa, a kì í lọ kí àgbàlagbà tó ń ṣàìsàn ní ọwọ́ òfo. Ṣùgbọ́n kí ni ènìyàn fẹ́ gbé lọ fún Tísà? Ọsàn kò ṣeé gbé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò ṣeé gbé. Máálítì, omi ni. Àgbo, Mojísọ́lá yóò pa ọ́. Ni oníkálukú bá ń yà sí kẹ́mísì kó tó wọlé, tí wọ́n ń béèrè pé, "Ìyá Ọpẹ́, kí la lè mú lọ fún Bàbá?" Mojísọ́lá yóò sì dáhùn láìgbójú sókè pé, "Inú ló ń dà á láàmú. Ẹ mú òògùn funfun kan dání." Wọn yóò rà á, wọn yóò gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé. Tísà, ọmọlúàbí ni, ó sì mọ̀ pé ẹ̀bùn tí a kò tọ́ wò níwájú ẹni tó mú un wá, ìtìjú ni fún ẹni náà. Yóò ṣí ìgò níṣojú àlejò, yóò mu ìdérí kan, yóò ní, "Ó ṣeun, ó bá mi lára mu." Ìyá ìjọ dé, Bàbá mu ìdérí kan. Àwọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì dé, ó mu òmíràn. Kàbírù awakọ̀ takisí, tó máa ń gbé e lọ sí Ìdó, dé pẹ̀lú tirẹ̀, Bàbá mu ìyẹn náà. Ìgbẹ́ ń yọ díẹ̀díẹ̀ báyìí, nítorí náà kò sẹ́ni tó rí ohun tó burú níbẹ̀.

Adéyínká, ọmọkùnrin bàbá tó wà ní Kánádà, tún gbọ́ pé iṣan ẹsẹ̀ ń fa bàbá, ó sì fi ike kan ránṣẹ́, òògùn oníhóró ńláńlá tí wọ́n kọ magnísíọ̀mù sí lára. Tísà kọ́kọ́ mú un fún Mojísọ́lá wò, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Mojísọ́lá ka orúkọ rẹ̀ lókè. "Fítámì ni, Bàbá," ó ní. "Òyìnbó náà ń lò ó. Ẹ máa lò ó."

Lẹ́yìn náà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ bàbá wálẹ̀. Mojísọ́lá fi ẹ̀rọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù wọ̀n ọ́, kò gba ojú rẹ̀ gbọ́, ó tún wọ̀n ọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí kì í gbọ́ràn sí òògùn lẹ́nu láti ọdún púpọ̀, ó ti rọ̀ wálẹ̀ bí ọmọ tí a nà. Ó pariwo tó fi dé ojúlé kẹta. Ìdùnnú dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ìjọ sì ké halelúyà. Tísà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ojú rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ó ń tòògbé. Wọ́n ní oorun àlàáfíà ni. Áà, ẹ̀dá! Ohun tó ń pa ènìyàn lọ, òun náà ni a ń jó sí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Mojísọ́lá ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó sì kan ògiri yàrá bàbá bó ṣe máa ń ṣe. Bàbá máa ń kan ògiri padà. Kò kàn án. Ó pe, "Bàbá! Bàbá, ẹ káàárọ̀ o!" Ó gbọ́ ohùn kan, ṣùgbọ́n ohùn náà kò mú ọ̀rọ̀ kankan jáde. Ó fi ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ gbayawu, ó sáré wọlé.

Tísà wà lórí ibùsùn, ojú rẹ̀ là díẹ̀. Ó fẹ́ gbé ọwọ́, ọwọ́ náà dìde dé àárín, ó sì já lulẹ̀. Èébì ti gbẹ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó ń mí, ṣùgbọ́n èémí kan máa ń lọ, ó sì máa ń pẹ́ kí òmíràn tó dé. Mojísọ́lá gbé ẹ̀rọ ìfúnpá, ẹ̀rọ náà fọn títí, nọ́ńbà tó gbé jáde kéré débi tó fi rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Ó di ọwọ́ bàbá mú, ó wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù. Ó ń lù wẹ́rẹ́, ó ń dúró, ó ń lù.

Inú wá bí i. Ẹ̀rù ló kọ́kọ́ dé, ìbínú sì gun orí rẹ̀. Ó ti dá a lójú pé ẹnìkan ti fún bàbá ní àgbo lẹ́yìn òun. "Ta ló ṣe é?" ó ń pariwo nínú yàrá tí kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. "Ta ló wọlé síbí?" Ó gbé ìrọ̀rí, kò rí nǹkan kan. Ó tú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ tábìlì, ó rí àwọn ìgò búlúù tó tò síbẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwọn kan ti tán, àwọn kan kù díẹ̀. Ó fi ọwọ́ tì wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó lè rí ẹ̀yìn wọn dáadáa, bóyá ibẹ̀ ni wọ́n fi ìgò àgbo pamọ́ sí. Wọ́n dún kọ̀ǹkọ̀ lára wọn. Kò sí àgbo níbẹ̀.

Kàbírù ti gbọ́ ariwo, ó ti gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá sẹ́nu ọ̀nà. Mojísọ́lá di ọrùn aṣọ rẹ̀ mú.

"Kàbírù, kí lo fún Bàbá mu?"

"Èmi kẹ̀? Ìyá Ọpẹ́, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò fún wọn ní nǹkan kan àfi èyí tí ẹ ní kí n rà!"

Kò tilẹ̀ gbọ́ gbólóhùn tó gbẹ̀yìn. Wọ́n gbé bàbá sẹ́yìn ọkọ̀, orí rẹ̀ wà lórí itan Mojísọ́lá, obìnrin náà sì ń fọwọ́ lù ú lẹ́rẹ̀kẹ́ pẹ́pẹ́pẹ́ títí wọ́n fi dé Ìdó. Òsì sí Ìdó kò jìnnà, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó dà bí ẹni pé wọ́n ti fa ọ̀nà náà gùn. Ó pe Ìdùnnú lórí fóònù, ó kàn sọ pé, "Àǹtí, ẹ máa bọ̀."

Dókítà tó gbà wọ́n, ọmọdébìnrin ni lójú Mojísọ́lá. Sàdíátù ni orúkọ rẹ̀, ó we ìborí, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì tutù. Bí wọ́n ti ń fi okùn ẹ̀rọ sí bàbá láyà, ó ń béèrè ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú wọn? Kí ni gbogbo ohun tí wọ́n ń lò?"

Mojísọ́lá gbé àyà sókè. Ní gbogbo wàhálà yẹn, ó ṣì gbé àyà sókè. Ó ka òògùn ilé ìwòsàn sílẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan láìṣìnà. "Dókítà, kò sí àgbo. Kò sí òògùn ìrora. Èmi ni mò ń ṣọ́ wọn. Mo ti yẹ gbogbo ilé wò. Bí ẹnikẹ́ni bá fún wọn ní nǹkan, ó jí i fún wọn ni."

"Ṣé wọ́n ń rí ìgbẹ́ yà?"

"Kò yọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n a ti ń fún wọn ní òògùn funfun. Mílíìkì magnísíà."

Ọwọ́ dókítà dúró.

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti tó oṣù kan."

"Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́?"

Mojísọ́lá wá rí i pé òun kò mọ̀. Ó rántí ìyá ìjọ. Ó rántí àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n wá ní ogunlọ́gọ̀. Ó rántí gbogbo ọwọ́ tó ti na ìgò búlúù sí láti ẹ̀yìn kántà láìgbójú sókè. "Wọ́n... àwọn tó ń wá kí wọn..." ó ní. Lẹ́yìn náà ó ní, "Wọ́n tún ń lo fítámì kan. Magnísíọ̀mù."

Dókítà kò pariwo. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó fi òòlù kékeré kan lu orúnkún bàbá, ẹsẹ̀ náà kò mira. Ó lu èkejì, kò mira. Ó yí padà sí nọ́ọ̀sì, ó ní kó gba ẹ̀jẹ̀ kíákíá, kó pe àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀, kó sì mú kálísíọ̀mù tí wọ́n ń fà sí iṣan wá.

"Dókítà, kí ló dé?" Mojísọ́lá ní. "Òògùn ọmọdé ni! Aboyún ń mu ún!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ọmọdé àti aboyún tí kíndìnrín wọn pé." Dókítà ń sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. "Magnísíọ̀mù tó wà nínú rẹ̀ ló ń fa omi sínú ìfun kí ìgbẹ́ lè rọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bá ìgbẹ́ jáde, díẹ̀ máa ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Lára tèmi àti tiyín, kíndìnrín á fi ìtọ̀ dà á nù. Tiwọn kò lè dà á nù mọ́. Ti òní ń gun orí ti àná. Bó bá ti pọ̀ jù, á mú iṣan rọ, á mú ènìyàn máa sùn, á fa ìfúnpá wálẹ̀, á sì mú kí ọkàn máa lọ́ra. Níkẹyìn, èémí àti ọkàn lè dúró."

Ìfúnpá tó wálẹ̀. Oorun àlàáfíà. Mojísọ́lá gbọ́ halelúyà ìjọ nínú etí rẹ̀, ìyà sì jẹ ẹ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìmọ ìgbà tó jókòó. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Òun tó ń fi igi lé ikú òde, òun ni ikú ilé.

Wọ́n ní kó jáde. Ó jáde. Kàbírù dúró lẹ́bàá ọkọ̀, ó ń fọwọ́ nu ojú. Nígbà tó rí i, ó tọwọ́ bọ inú àpótí iwájú ọkọ̀, ó mú ìgò búlúù kan jáde, ó ṣì wà nínú páálí rẹ̀.

"Ìyá Ọpẹ́, ẹ wò ó, mo rà á lọ́wọ́ yín lánàá. Mo fẹ́ fi kí Bàbá láàárọ̀ yìí ni. Ṣé kí n gbé e wọlé fún àwọn dókítà, bóyá wọn yóò nílò rẹ̀?"

Mojísọ́lá gba ìgò náà. Orúkọ òògùn wà lókè, ńlá, ó sì mọ̀ ọ́n. Iye ṣíbí tó yẹ kí àgbà mu wà lábẹ́ rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ó yí páálí náà sí ẹ̀yìn. Lẹ́tà ẹ̀yìn kéré bí èèrà. Ó gbé e súnmọ́ ojú, ó fi ìka tọ́ ọ bí ẹni tó wà ní kíláàsì kejì, ó sì rí i, ní ìsàlẹ̀, ní èdè òyìnbó tí Tísà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ: bí o bá ní àìsàn kíndìnrín, má lò ó láìkọ́kọ́ bi dókítà. Ó tún kà á. Ó ti ta òògùn yìí ju ogún ọdún lọ. Gbólóhùn yìí ti jókòó sórí pẹpẹ rẹ̀ lẹ́yìn orí rẹ̀ gan-an, kò sì yí ìgò kan ṣoṣo padà kó wò ó. Ó bú sẹ́kún láàárín ọgbà ilé ìwòsàn, ẹkún tí kì í ṣe ti ọmọlúàbí, ẹkún onítọ̀ọ́, Kàbírù kò sì mọ ibi tó máa wò.

Ìdùnnú dé láti Oyè, ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà kó tó jáde wá bá a. Ó dúró níwájú Mojísọ́lá. "Mojí," ó ní, "gbogbo wa la dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì." Ó jókòó tì í lórí pèpéle. Àwọn méjèèjì ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ láti inú lọ́hùn-ún, wọn kò sì mọ̀ bóyá bàbá wà láyé tàbí kò sí.

Ó wà láyé. Kálísíọ̀mù di ọkàn rẹ̀ mú kó má dákẹ́, ẹ̀rọ sì fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n tún fọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Díẹ̀díẹ̀ ni ohùn padà sí i lẹ́nu, lẹ́yìn náà ni ọwọ́ gbéra, lẹ́yìn náà ni orúnkún mira nígbà tí òòlù kàn án. Ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, Mojísọ́lá ń wá, ó ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọ́ọ̀dù. Kò wọlé. Ṣọ́ọ̀bù wà ní títì ní Òsì, àwọn tó sì kọjá rò pé bàbá ti kú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé bàbá jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́, inú rẹ̀ tún ti dí. Dókítà Sàdíátù mú ìgò òògùn olómi kan wá, ó nípọn, ó sì dùn bí oyin. Ó ṣàlàyé fún un pé èyí kò ní magnísíọ̀mù nínú rárá, pé ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dáa lè lò ó bí dókítà bá ti mọ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì gbé ṣíbí sún mọ́ ọn lẹ́nu. Tísà pa ẹnu dé.

"Bàbá, ẹ la ẹnu."

Ó mi orí. Ohùn rẹ̀ ṣì fẹ́lẹ́. "Ṣé Mojí ti rí i?"

Ìdùnnú gbójú sílẹ̀. Mojísọ́lá wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ọ, ó sì dà bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná sí i láyà. Ó wọlé. Ó kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Bàbá, ẹ má bi mí. Ẹ má bi mí mọ́ láéláé. Òògùn funfun ló fẹ́ pa yín. Ọwọ́ mi ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Èyí tí àwọn ènìyàn mú wá, èmi ni mo ní kí wọ́n mú un wá. Ti Adéyínká, èmi ni mo ní kí ẹ lò ó. Èmi ni, Bàbá."

Tísà wo àjà ilé títí. "Mo ti gbọ́," ó ní. "Ọmọ yìí ti ṣàlàyé fún mi láàárọ̀." Ó wo Dókítà Sàdíátù, ó sì tún wo obìnrin tó kúnlẹ̀. "Ṣé ìkìlọ̀ wà lára ìgò òògùn funfun yẹn?"

"Ó wà, sà."

"Níbo?"

"Ní... ní ìsàlẹ̀, sà."

Bàbá di ojú. Ẹni tó bá rí i yóò rò pé ó ti sùn. Omijé kan bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ imú rẹ̀, kò sì nù ún.

"Gba ìgò tuntun yìí lọ́wọ́ wọn," ó ní. "Dìde dúró. Kà á sí mi létí."

Mojísọ́lá dìde. Obìnrin tó ti ní ọmọ ní yunifásítì, ó dúró láàárín wọ́ọ̀dù, ó gbé ìgò lé ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ó ka orúkọ òògùn. Ó ka ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ka iye tí a ń mu, ó ka ẹni tí kò gbọ́dọ̀ mu ún, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe ń lọ. Àwọn aláìsàn tó wà lórí ibùsùn mìíràn ń gbọ́. Ó dé ibi àdírẹ́sì àwọn tó ṣe é, ó dúró.

"Ó kù," ni Tísà wí, ojú rẹ̀ ṣì wà ní dídì.

Ó wò ó. Lóòótọ́, ó ku ìlà kan: kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó. Ó ka ìyẹn náà.

Ìgbà yẹn ni bàbá la ẹnu. Nọ́ọ̀sì na ṣíbí sí i, ṣùgbọ́n kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo Mojísọ́lá. Mojísọ́lá gba ṣíbí, ó rọ òògùn náà sí i, ìdajì rẹ̀ sì dà sórí aṣọ ibùsùn kó tó gbé ìyókù dé bàbá lẹ́nu.